Kí Ẹsẹ̀ Kọ́kọ́ Nà Tán: Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Àkọ́kọ́ Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Iṣan Orúnkún

Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ará ilé sábà máa ń ṣe fún ẹni tó ti ibi iṣẹ́ abẹ orúnkún dé ni pé wọ́n á wá ìrọ̀rí tó rọ̀, wọ́n á kì í bọ abẹ́ orúnkún náà. Àánú ló ń ṣe wọ́n, ara aláìsàn á sì tù ú lóòótọ́. Orúnkún tó kún fún omi àti ẹ̀jẹ̀ kì í fẹ́ nà. Kíká díẹ̀ ló máa ń fẹ́ wà, ní ìwọ̀n dígíríì 30 tàbí kó dín díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àyè inú rẹ̀ ti fẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí ìrọ̀rí yẹn bá wà níbẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru fún ọ̀sẹ̀ méjì, àpá á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì nínú oríkèé, ẹsẹ̀ ò sì ní fẹ́ nà tán mọ́. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò nà tán á máa tiro, iwájú itan rẹ̀ á máa rù, orúnkún á sì máa ro ó bó bá rìn díẹ̀. Gbogbo èyí lè ṣẹlẹ̀ kí iṣan tí dókítà fi sí i ṣì wà láìyẹsẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí orí ìwé yìí fi gbé nínà ẹsẹ̀ síwájú kíká rẹ̀. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ń ka ọjọ́ tí wọ́n á lè ká orúnkún tàbí jù ọ̀pá nù. Ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ máa wò ni bóyá ẹ̀yìn orúnkún ti kan bẹ́ẹ̀dì, àti bóyá ẹran iwájú itan ti jí.

Iṣẹ́ abẹ tí à ń sọ níbí ni ti iṣan ìdè tó wà ní àárín gbùngbùn orúnkún, èyí tí wọ́n máa ń kọ ní ACL sórí ìwé àyẹ̀wò. Ó di egungun itan mọ́ egungun ojúgun, kì í jẹ́ kí ojúgun yọ síwájú, kì í sì í jẹ́ kí orúnkún yẹ̀ nígbà tí èèyàn bá ń sáré tó yà bìrí. Bó bá já, dókítà kì í sábà rán an. Yóò mú iṣan mìíràn lára aláìsàn fúnra rẹ̀, láti ẹ̀yìn itan tàbí láti abẹ́ ìdérí orúnkún. Yóò lu ihò sínú egungun méjèèjì, yóò fa iṣan náà gba inú wọn kọjá, yóò sì fi ìdè dè é níbẹ̀. Ìyẹn la ó máa pè ní iṣan àfirọ́pò.

Iṣan àfirọ́pò yìí ní ìwà kan tó yẹ kí gbogbo aláìsàn mọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi í síbẹ̀, ó le dáadáa. Ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ tó ń ṣàn sínú rẹ̀, nítorí náà ara á kọ́kọ́ tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá máa tún un kọ́. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkejìlá ni agbára rẹ̀ máa ń kéré jù. Àsìkò yẹn gan-an ni wíwú ti lọ, ìrora ti dínkù, tí aláìsàn ń rìn láìsí ọ̀pá, tó sì ń rò pé ìyà ti tán. Kódà àwọn agbábọ́ọ̀lù ńlá ń dúró pẹ́ nítorí iṣan yìí: Virgil van Dijk ti Liverpool farapa ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá 2020, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un kí oṣù náà tó parí, ó sì di ìparí oṣù Keje 2021 kó tó tún gbá bọ́ọ̀lù nínú ìdíje ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́. Umar Sadiq ti Super Eagles farapa bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2022, kété tó dé Real Sociedad, kò sì padà sórí pápá títí sáà náà fi parí. Àwọn wọ̀nyí ní físíò àti ẹ̀rọ lọ́wọ́ lójoojúmọ́ o.

Ohun tí àwọn aláìgbọràn fi kọ́ dókítà

Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ńṣe ni wọ́n máa ń de ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí. Wọ́n ń bẹ̀rù pé bó bá nà tán, iṣan àfirọ́pò á dẹ̀. Dókítà kan ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà, Donald Shelbourne, wá ṣàkíyèsí pé àwọn kan nínú àwọn aláìsàn òun kì í tẹ̀ lé òfin. Wọ́n ń tú ìdè, wọ́n ń na ẹsẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá fún wọn. Nígbà tó yẹ̀ wọ́n wò, iṣan wọn kò dẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn tún yá ju ti àwọn tó gbọ́ràn lọ. Ní 1990, òun àti Paul Nitz tẹ ìwé jáde lórí ètò tuntun tí wọ́n gbé kalẹ̀: kí ẹsẹ̀ nà tán láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí aláìsàn sì máa fi ìwọ̀n tó bá lè fara dà tẹlẹ̀. Orí ìpìlẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ físíò ṣì ń ṣiṣẹ́ lé lónìí.

Ẹnikẹ́ni má fi ìtàn yìí ṣe àwáwí láti kọ etí ikún sí dókítà. Ohun kan wà tó ń yí gbogbo ètò padà: bí dókítà bá tún rán tìmùtìmù inú orúnkún, ìyẹn ẹran fẹ́lẹ́ tó wà láàárín egungun méjèèjì, ó lè ní kí aláìsàn má fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ rárá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó má sì ká a kọjá dígíríì 90 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí aláìsàn bi dókítà kó tó kúrò ní wọ́ọ̀dù ni: “Ṣé iṣan nìkan lẹ ṣe, àbí ẹ rán nǹkan mìíràn mọ́ ọn?” Kó sì ní kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ fún físíò.

Ọ̀sẹ̀ kìíní: ilẹ̀ ni kí ẹ̀yìn orúnkún wá

Aláìsàn á dùbúlẹ̀ gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì, á ká táwẹ́ẹ̀lì kan jọ, á gbé e sábẹ́ gìgísẹ̀, kì í ṣe abẹ́ orúnkún. Àlàfo á wá wà láti gìgísẹ̀ dé ìdí, orúnkún á sì máa wálẹ̀ fúnra rẹ̀ nítorí ìwúwo ẹsẹ̀. Kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, kó sì ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún lójúmọ́. Ẹ̀yìn orúnkún á máa fà á, ìyẹn kò burú. Àwọn ìka ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ máa kọjú sókè. Bí ẹsẹ̀ bá ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, orúnkún á ti ká láìmọ̀.

Nínú ipò yẹn kan náà ni kó ti máa jí ẹran iwájú itan. Á gbìyànjú láti tẹ ẹ̀yìn orúnkún mọ́lẹ̀, á mú itan le, á kà dé márùn-ún, á tú u sílẹ̀. Mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, ní ìgbà púpọ̀ lójúmọ́. Kó gbé ọwọ́ kan lé itan lókè orúnkún kó lè mọ̀ bóyá ẹran ń le lóòótọ́, kó sì fi ojú wo ìdérí orúnkún: bí iṣẹ́ náà bá ń ṣe, ìdérí á sún sókè sí ìhà itan. Lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta, ọ̀pọ̀ ló ń sunkún pé àwọn ń pàṣẹ fún ẹsẹ̀ àmọ́ ẹsẹ̀ kò dáhùn. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe pé dókítà gé nǹkan kan dànù. Omi tó wà nínú oríkèé ló ń ránṣẹ́ sí ọ̀pá ẹ̀yìn pé kó pa ẹran iwájú itan lẹ́nu mọ́, omi díẹ̀ sì tó láti ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí wíwú ṣe ń lọ ni ẹran itan ṣe ń jí. Níbi tí físíò bá ti ní ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná mànàmáná ta ẹran jí, ó máa ń ṣe ìrànwọ́ púpọ̀ lásìkò yìí.

Gbígbé ẹsẹ̀ sókè ní gbọọrọ ló tẹ̀ lé e. Òfin rẹ̀ ò ju ọ̀kan lọ: bí gìgísẹ̀ bá kúrò nílẹ̀ tí orúnkún sì ká díẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó gbéra, kò tíì tó àkókò. Kó padà sí títẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá lè gbé e ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láìká láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkejì ń ṣe dáadáa.

Ní ti wíwú, omi inú ọ̀rá tí wọ́n fi sínú fíríìsà tó dì gbagidi tó ohun èlò. Kí wọ́n fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, kí wọ́n gbé e lé orúnkún fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí wọ́n sì tún un ṣe lẹ́yìn wákàtí méjì tàbí mẹ́ta ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Táwẹ́ẹ̀lì yẹn ṣe pàtàkì. Awọ ara tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọgbẹ́ sábà máa ń kú tipiri, nítorí iṣan ìmọ̀lára kékeré kan máa ń gé níbẹ̀, yìnyín sì lè jó o láìjẹ́ pé aláìsàn mọ̀. Kí ẹsẹ̀ náà wà lókè ju àyà lọ bó bá dùbúlẹ̀: kí ìrọ̀rí wà lábẹ́ gìgísẹ̀ àti ojúgun, kí abẹ́ orúnkún ṣófo.

Àwọn nǹkan kan wà tó máa ń dẹ́rù bani tí kò sì yẹ kó dẹ́rù bani. Ẹ̀jẹ̀ tó dúdú lábẹ́ awọ lè sọ̀ kalẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀ lọ́jọ́ kẹta sí ìkarùn-ún. Bí aláìsàn bá sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, gbogbo ojúgun lè máa lù kìkì fún ìṣẹ́jú kan. Méjèèjì á kọjá lọ.

Kíká náà kò gbọ́dọ̀ dúró o. Kó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kó fi ìró tí a ti ń lò kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀, kó sì máa fi ọwọ́ fa gìgísẹ̀ wá sọ́dọ̀ ìdí díẹ̀díẹ̀. Bó bá dé dígíríì 70 sí 90 lópin ọ̀sẹ̀ kìíní, ó tó.

Ìdíwọ̀n tí ará ilé lè ṣe

Físíò ní ohun èlò tó fi ń wọn dígíríì, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí ẹnikẹ́ni lè lò nílé láti mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ti nà tán. Aláìsàn á da ikùn délẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, itan méjèèjì á wà lórí fóòmù, ojúgun méjèèjì á sì yọ jáde kúrò létí rẹ̀. Kó túra ká. Ẹnì kejì á dúró ní ìhà ẹsẹ̀, á fi rúlà wo bí gìgísẹ̀ kan ṣe ga ju èkejì lọ. Sẹ̀ǹtímítà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dígíríì kan. Bí gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe bá ga ju èkejì lọ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, nǹkan bíi dígíríì mẹ́rin ló kù kó nà tó ìkejì rẹ̀. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìdíwọ̀n kejì ni ti omi inú orúnkún, àwọn físíò sì ka èyí sí adájọ́. Ẹsẹ̀ á nà sórí bẹ́ẹ̀dì, itan á dẹ̀. Ẹni tó ń wò ó á fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ inú orúnkún, èyí tó kọjú sí ẹsẹ̀ kejì, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè sí itan, ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta. Omi á lọ, kòtò kékeré á hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdérí orúnkún. Lẹ́yìn náà á wá ra ẹ̀gbẹ́ ìta láti òkè wá sísàlẹ̀, ojú á sì wà lára kòtò náà. Bí kòtò kò bá yí padà, orúnkún ti gbẹ. Bí ìgbì tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá kọjá níbẹ̀, omi díẹ̀ ló kù. Bí kòtò bá kún fúnra rẹ̀ kí ọwọ́ tó dé ẹ̀gbẹ́ ìta, omi náà ti pọ̀ jù, a gbọ́dọ̀ dín iṣẹ́ kù. Bí omi kò bá ṣeé tì kúrò rárá, kí físíò tàbí dókítà rí i.

Ìlànà tó tẹ̀ lé e rọrùn: ohun tí aláìsàn ṣe lónìí, àárọ̀ ọ̀la ló máa sọ bóyá ó pọ̀ jù. Bí wíwú tàbí ìrora bá ju ti àná lọ lẹ́yìn wákàtí 24, kó dín in kù sí ìdajì. Bí kò bá yí padà, ó lè fi díẹ̀ kún un.

Àpẹẹrẹ kan láti ọjọ́ kìíní dé ọ̀sẹ̀ kẹfà

Ká mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Abẹ́òkúta, ọmọ ọdún 26, tó ń tún fóònù ṣe. Ó farapa níbi bọ́ọ̀lù ọjọ́ Sátidé. Wọ́n mú iṣan láti ẹ̀yìn itan rẹ̀ fi ṣe ti orúnkún ọ̀tún. Wọn kò rán tìmùtìmù kankan. Àpẹẹrẹ lásán ni, àmọ́ irú rẹ̀ ni àwọn físíò ń rí lójoojúmọ́.

Lọ́jọ́ kejì, dígíríì mẹ́jọ ló kù kí ẹsẹ̀ rẹ̀ nà tán, ẹran itan kò sì dáhùn. Ó ń fi ọ̀pá abẹ́ abíyá méjì rìn, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti yọ ìrọ̀rí kúrò, táwẹ́ẹ̀lì ló wà lábẹ́ gìgísẹ̀. Lọ́jọ́ kẹfà, dígíríì mẹ́ta ló kù, ìdérí orúnkún ti ń sún sókè, ó sì ká a dé 80. Lọ́jọ́ kejìlá, wọ́n tú òwú ojú ọgbẹ́. Ó ti lè gbé ẹsẹ̀ sókè láìká, kíká ti dé 98. Ṣùgbọ́n nígbà tí físíò ní kó da ikùn délẹ̀, gìgísẹ̀ ọ̀tún ga ju tòsì lọ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ máa ń nà kọjá gbọọrọ díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti ọ̀pọ̀ èèyàn, nítorí náà bí tọ̀tún tilẹ̀ ti kan bẹ́ẹ̀dì, kò tíì bá ìkejì rẹ̀ dọ́gba. Físíò fi iṣẹ́ kan kún un: kó máa da ikùn délẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ojúgun máa rọ̀ sílẹ̀ létí bẹ́ẹ̀dì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, bí kò ṣe pé orí àpótí ló máa ń jókòó sí láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ á ká, á rọ̀ sílẹ̀. Ó jù ọ̀pá kan nù. Kíká dé 112, ó sì ń gun kẹ̀kẹ́ ìdárayá tó dúró sójú kan lọ́dọ̀ físíò, láìsí ìdènà kankan nínú pẹ́dà. Kẹ̀kẹ́ yẹn nílò nǹkan bíi 105 sí 110 kí ẹsẹ̀ tó lè yí po. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ṣe ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó fi ọ̀pá tó kù sílé nítorí fọ́tò, ó dúró kí àwọn àlejò fún wákàtí mẹ́rin, ó sì jó díẹ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, orúnkún ti kún. Nígbà tí físíò ti omi rẹ̀ sókè, kòtò kún padà fúnra rẹ̀. Kíká ti padà sí 98, ẹran itan tún ti sùn, ó sì ń tiro. Ẹ̀rù bà á pé iṣan ti já. Físíò fa ojúgun rẹ̀ wò, ó le dáadáa: iṣan wà níbẹ̀, iṣẹ́ ló pọ̀ jù. Ọ̀pá méjèèjì padà fún ọjọ́ mẹ́rin, kẹ̀kẹ́ dúró, yìnyín di ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, ṣùgbọ́n nínà ẹsẹ̀ àti mímú itan le kò dúró. Àpótí kejì wọ ṣọ́ọ̀bù, orí rẹ̀ ló ń na ẹsẹ̀ lé, ó sì ń dìde rìn díẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú 30. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi padà sí ibi tó wà.

Lópin ọ̀sẹ̀ kẹrin, gìgísẹ̀ méjèèjì fi sẹ̀ǹtímítà kan péré yàtọ̀, kíká dé 118. Ó jù ọ̀pá nù nígbà tí kò tiro mọ́, kì í ṣe nígbà tí kàlẹ́ńdà sọ pé kó jù ú nù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹsẹ̀ méjèèjì nà dọ́gba, kíká dé 128, ó ń gun àkàsọ̀ ní ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé èkejì, ó sì lè fi ẹ̀yìn ti ògiri kó bẹ̀rẹ̀ dé ìwọ̀n dígíríì 60 láìsí ìrora. Itan ọ̀tún ṣì rù ju tòsì lọ, gbogbo èèyàn sì lè fojú rí i. Ìyẹn á gba oṣù púpọ̀.

Ìkúnlẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀, ìrun àti ọ̀kadà

Kò sí bí aláìsàn ṣe lè yẹra fún àwọn àgbà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kí ọmọkùnrin tẹríba, kó fi ọwọ́ kanlẹ̀ lórí ìdúró bó bá lè ṣe é. Kí obìnrin tẹ orí àti èjìká ba. Kíkúnlẹ̀ ń fi gbogbo ìwúwo ara lé ojú ọgbẹ́, pàápàá fún ẹni tí wọ́n mú iṣan rẹ̀ láti abẹ́ ìdérí orúnkún, ibi tó lè máa ro ní ìkúnlẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ìyá tàbí bàbá tí wọ́n bá ti ṣàlàyé fún kì í bínú. Ẹni tó ń kírun, kó kí i lórí àga, kó sì na ẹsẹ̀ náà síwájú. Ìjókòó lórí gìgísẹ̀ ń fẹ́ kí orúnkún ká fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kò sì sí ẹni tó yẹ kó fi agbára dé ibẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ṣáláńgá tí èèyàn ń lóṣòó sí kò ṣeé lò lásìkò yìí. Àga tí wọ́n gbẹ́ ihò sí láàárín, tí wọ́n gbé ka orí rẹ̀, á yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀kadà tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: gígùn ún ń fẹ́ kí èèyàn fi ẹsẹ̀ kan dúró kó sì yí orúnkún, bẹ́ẹ̀ kòtò kan ṣoṣo tó láti mú kí ẹsẹ̀ já lulẹ̀ lójijì. Kó wọ mọ́tò, kó jókòó síwájú, kó ti àga sẹ́yìn. Ní ti wíwakọ̀ fúnra ẹni, bí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá ni wọ́n ṣe, ọ̀pọ̀ dókítà kì í gbà á kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹfà, nígbà tó bá lè tẹ búréèkì mọ́lẹ̀ gidi láìfòyà, tí kò sì lo oògùn ìrora tó ń kunni lóorun.

Nígbà tó yẹ kí èèyàn sáré

Ewu tó wọ́pọ̀ jù nílé wa ni ọwọ́ ẹni tó fẹ́ ṣèrànwọ́. Bí ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá wú, tó le, tó ń gbóná, tó sì ń dunni nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì sínú òpó rẹ̀. Àwọn kan á gbé omi gbígbóná àti ìpara tó ń ta wá, wọ́n á máa wọ́ ọ. Ìwọ́ra yẹn lè ṣí ẹ̀jẹ̀ dídì náà nídìí, kó sì gbé e lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹnikẹ́ni má wọ́ ẹsẹ̀ náà. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí èémí bá ń ṣe kúkúrú tàbí àyà ń dùn ún, kí wọ́n má dúró títí ilẹ̀ á fi mọ́. Láti dènà rẹ̀, kó máa mi ọrùn ẹsẹ̀ sókè sódò ní ìgbà ogún ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tí kò bá sùn, kó sì lo oògùn tí dókítà bá kọ fún un.

Ibà ni ìkejì. Bí ara ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún bá gbóná ní ọ̀sẹ̀ kejì, oògùn ibà ni wọ́n máa kọ́kọ́ rà fún un ní kẹ́mísì. Bí orúnkún náà bá tún ń pọ́n, tó ń gbóná, tí ojú ọgbẹ́ ń sun omi, tí ìrora sì ń le dípò kó dínkù, kòkòrò ti lè wọ inú oríkèé. Ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi lo oògùn ibà lè jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta tí kòkòrò fi ń jẹ eegun rírọ̀ inú orúnkún. Kí dókítà tó ṣe é fojú rí i kí wọ́n tó lo oògùn kankan. Àyẹ̀wò ibà lè wáyé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹni tí wọ́n mú iṣan láti ẹ̀yìn itan rẹ̀ lè gbọ́ kí nǹkan dún tó! lẹ́yìn itan nígbà tó tẹ̀ síwájú láti wọ bàtà. Ibi tí wọ́n ti mú iṣan ló sábà máa ń fà ya, kì í ṣe iṣan inú orúnkún. Kó sinmi, kó fi yìnyín sí i, kó sì sọ fún físíò. Nítorí èyí ni kò ṣe gbọ́dọ̀ fi agbára fa gìgísẹ̀ sẹ́yìn lòdì sí ohun tó wúwo títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ.

Ìkẹyìn ni orúnkún tó kọ̀ tí kò nà. Ní 1990 bákan náà, Jackson àti Schaefer ṣàpèjúwe kókó àpá kan tó máa ń hù síwájú iṣan àfirọ́pò, tó sì máa ń há sáàárín egungun nígbà tí ẹsẹ̀ bá fẹ́ nà. Aláìsàn á ṣàkíyèsí pé nínà tó ti ń dára tẹ́lẹ̀ dúró sójú kan tàbí tó ń padà sẹ́yìn, ohun kan ń dún kọ́ níwájú orúnkún, ó sì ń dùn ún bó bá fẹ́ nà tán. Iṣẹ́ táwẹ́ẹ̀lì kò lè yọ kókó yẹn. Dókítà ló ń wọlé lọ gé e. Nítorí náà, bí ọ̀sẹ̀ kẹfà bá pé tí ẹsẹ̀ ṣì ku dígíríì márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ tí aláìsàn ti ṣe, kí físíò kọ ìwé sí dókítà lọ́sẹ̀ yẹn, kó fi àkọsílẹ̀ gìgísẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejì wá mọ́ ọn.

Ẹni tó bá sì ti nà tán, tí orúnkún rẹ̀ gbẹ, tí kò tiro, ni wọ́n á gbé lọ sí ipele tó kàn: bíbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, gígun pẹpẹ, dídúró lórí ẹsẹ̀ kan. Sísáré ṣì jìnnà, ó sábà máa ń di oṣù kẹta tàbí ìkẹrin. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Norway àti Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2016, fi hàn pé oṣù kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá fi dúró kó tó padà sí bọ́ọ̀lù àti irú eré bẹ́ẹ̀, títí di oṣù kẹsàn-án, ń dín ewu pé yóò tún farapa lórúnkún kù ní nǹkan bí ìdajì.